Bí a ṣe ń ka mítà iná aláago látinú fọ́tò láìṣì í kà

Fọ́tò kan wọ fóònù mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi ránṣẹ́. Ilé àtijọ́ ni ilé wọn, mítà iná wọn sì wà lókè, lẹ́bàá àjà, níbi téèyàn gbọ́dọ̀ gbójú sókè kó tó rí i. Kì í ṣe mítà tó ń kọ nọ́ńbà síta gbangba. Aago kéékèèké mẹ́fà ló tò sójú rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún wọn ti ní kí wọ́n máa ka mítà náà fúnra wọn. Ọmọ aládùúgbò kan bá wọn kà á lóṣù tó kọjá, ó ní 47973. Lóṣù yìí, 47205 ni àwọn fúnra wọn kà. "Ṣé mítà máa ń rìn padà sẹ́yìn ni?" ni wọ́n bi mí.

Kò rìn padà. Pánẹ́ẹ̀lì sólà tó bá ń ti iná padà síta lè mú mítà àtijọ́ yí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan lórí òrùlé wọn. Àṣìkà ni, 1000 yúníìtì gbáko sì ni àṣìkà náà. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ páńsì 25, pọ́n-ùn 250 nìyẹn tí wọ́n máa san lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò tàn. Mo ní kí wọ́n wá fọ́tò oṣù tó kọjá jáde. Ó ṣì wà lórí fóònù wọn, a sì jọ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe kà á ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọwọ́ inú aago mítà kò lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn. Bí ẹni tó ya fọ́tò bá dúró sísàlẹ̀ tó gbé fóònù sókè, ọwọ́ náà yóò dà bíi pé ó sún sókè ju ibi tó wà lọ. Bó bá dúró sápá òsì, yóò dà bíi pé ó sún sí ọ̀tún. Ìsúnkúrò náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá wà létí nọ́ńbà kan, ó tó láti mú un kọjá nọ́ńbà yẹn lójú ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà, ẹ gun àga tó dúró dáadáa, kí ojú fóònù kọjú sí ojú mítà gan-an. Bí gíláàsì bá ń dán, ẹ pa fíláàṣì, kí ẹlòmíì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà mítà, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, hàn nínú fọ́tò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mítà ẹlòmíì ni. Ẹ má fi kámẹ́rà iwájú yà á, nítorí àwọn fóònù mìíràn máa ń yí àwòrán rẹ̀ padà bíi ti dígí. Bí lẹ́tà kWh bá kọjú sódì nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kí wọ́n tún òmíràn yà.

Ohun kejì ni ibi tí aago kọ̀ọ̀kan ń yí sí. Kẹ̀kẹ́ eléyín ló ń yí àwọn ọwọ́ wọ̀nyí. Bí kẹ̀kẹ́ kan bá ń yí sọ́tùn-ún, èyí tí eyín rẹ̀ wọnú tirẹ̀ yóò yí sósì ni. Ìdí nìyẹn tí aago méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fi ń yí lódìkejì ara wọn. Nínú èyí tó ń yí bí aago ara ògiri, 1 wà lápá ọ̀tún 0. Nínú èkejì, apá òsì 0 ni 1 wà. Ẹni tó bá ti ka aago ògiri láti kékeré, ojú rẹ̀ yóò fẹ́ ka gbogbo wọn sọ́tùn-ún, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kọ 4 níbi tó yẹ kó kọ 3. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Lórí aago kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka tẹ̀lé nọ́ńbà láti 0 sí 1 sí 2 lórí fọ́tò, kí ẹ mọ ibi tó ń lọ kí ẹ tó wo ọwọ́ rẹ̀.

Mítà ti àǹtí mi ní aago márùn-ún tí a ń kà: ti 10,000, ti 1,000, ti 100, ti 10 àti ti 1. Ẹ̀kẹfà jẹ́ pupa, wọ́n kọ 1/10 sí i lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í kọ ti pupa yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí aago 1.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà. Aago tó wà lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ yí ká pátápátá lẹ́ẹ̀kan kí ti òsì tó kúrò lórí nọ́ńbà kan bọ́ sórí èkejì. Bí ti ọ̀tún bá wà ní 5, ọwọ́ ti òsì gbọ́dọ̀ wà ní ìdajì ọ̀nà láàárín nọ́ńbà méjì. Bí ti ọ̀tún bá wà ní 1, ti òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí nọ́ńbà rẹ̀ ni. Bí ti ọ̀tún bá wà ní 9, ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí nọ́ńbà tó kàn, kò sì tíì dé ibẹ̀. Torí náà, apá ọ̀tún ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ya àpótí márùn-ún sórí ìwé, màá máa kọ nọ́ńbà sínú wọn láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì.

Bí ọwọ́ bá wà láàárín nọ́ńbà méjì, èyí tó ti kọjá ni ká kọ, ìyẹn èyí tó kéré. Láàárín 9 àti 0, 9 ni ká kọ, nítorí 0 yẹn dúró fún 10 tí kò tíì dé. Bí ọwọ́ bá gun orí nọ́ńbà kan gẹ́lẹ́, ẹ má tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ bi aago ọ̀tún rẹ̀ léèrè. Bí ti ọ̀tún bá ti kọjá 0, ọwọ́ náà ti dé lóòótọ́, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí. Bí ti ọ̀tún bá ṣì wà ní 9, kò tíì dé, ẹ yọ 1 kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò oṣù tó kọjá báyìí. Aago pupa wà ní 4, ọwọ́ aago 1 sì wà láàárín 3 àti 4, ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì. Wọ́n bá ara wọn mu, mo kọ 3. Ọwọ́ aago 10 kúrò lórí 7 díẹ̀, ó bá 3 mu, mo kọ 7. Ọwọ́ aago 100 wà láàárín 9 àti 0, ó ti rìn jìnnà sí 9, ó bá 7 mu, mo kọ 9. Ibi tí ìjà wà ni aago 1,000. Nínú fọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí 7, ó tilẹ̀ dà bíi pé ó fi bíi fọ́nrán irun kan kọjá rẹ̀. 7 yẹn ni ọmọ náà rí, òun ló sì kọ. Ṣùgbọ́n aago 100 ṣì wà ní 9. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ 1,000 ti wà ní 7 tí aago 100 sì wà ní 9, ó yẹ kí ọwọ́ 1,000 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun 8. Kò sún mọ́ 8 rárá. Nítorí náà 7 kò tíì pé, 6 ni. Ọwọ́ aago 10,000 wà láàárín 4 àti 5, ó ti kọjá ìdajì díẹ̀, èyí sì bá 6 mu, mo kọ 4. Iye náà di 46973.

Kí ló dé tí ọwọ́ fi dà bíi pé ó ti kọjá 7? Aago 1,000 yẹn ń yí sósì, 7 rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, òkè sì ni ọwọ́ ń lọ láti ibẹ̀ kó tó dé 8. Ọmọ náà dúró nílẹ̀, ó na fóònù sókè. Fọ́tò tí wọ́n yà láti ìsàlẹ̀ ti ọwọ́ náà sókè, ó sì gbé e kọjá nọ́ńbà tí kò tíì dé.

Ti oṣù yìí rọrùn díẹ̀, àfi aago 100 tí ọwọ́ rẹ̀ gun orí 2 gẹ́lẹ́. Aago 10 tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ wà láàárín 0 àti 1, ìyẹn ni pé ó ti kọjá 0. Torí náà 2 ti pé, a kì í yọ nǹkan kan kúrò. Àǹtí mi kà á tọ̀nà: 47205. Ẹ yọ 46973 kúrò nínú 47205, 232 yúníìtì ló kù. Iye tí wọ́n lò láàárín fọ́tò méjèèjì nìyẹn.

Ká ní a fi 47973 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewu kejì wà níbẹ̀. Mítà tó bá ka 99999 tán, 00000 ló máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá rí i pé iye tuntun kéré sí ti àtijọ́ lè rò pé mítà ti yí ká, yóò wá ka 99,232 yúníìtì sí wọn lọ́rùn. Mítà máa ń yí ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iye àtijọ́ kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 99870, tí tuntun sì jẹ́ 00115, ẹ fi 100,000 kún tuntun kí ẹ tó yọ àtijọ́ kúrò, yóò jẹ́ 245. Láti 47 ẹgbẹ̀rún, kò sí ilé kan tó lè lò ó yí ká láàárín oṣù kan.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ kíyè sí i pé mítà aláago ti ọ̀dọ̀ yín sábà máa ń ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó sì kọ, tó fi mọ́ èyí tó kẹ́yìn lọ́tùn-ún. Bí ẹ bá rí x 10 lójú mítà, iye tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ àtijọ́ kúrò nínú tuntun ni ẹ ó fi 10 sọ di púpọ̀, ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ẹ kà.

Nígbà mìíràn, ọwọ́ kan lè má bá ẹlẹ́rìí rẹ̀ mu rárá. Bí àpẹẹrẹ, ti ọ̀tún wà ní 5, ti òsì sì gun orí nọ́ńbà gẹ́lẹ́, kì í ṣe létí rẹ̀. Ẹ tún fọ́tò yà lójúkojú. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ náà ti yẹ̀ kúrò nípò rẹ̀, ìlànà yìí kò sì lè yanjú rẹ̀. Ẹ má fi àròsọ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ iná, kí wọ́n wá yẹ mítà wò.

Àǹtí mi fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà wọ́n, wọ́n sì kọ iye tó tọ́ sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ní ìwé kékeré kan báyìí tí wọ́n so mọ́ ìṣó nísàlẹ̀ mítà náà. Ìlà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ọjọ́, nọ́ńbà mítà, 46973. Èkejì ni 47205, pẹ̀lú 232 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fa igi sábẹ́ 2 tó wà láàárín 47205 láti fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ gun orí nọ́ńbà, àwọn sì ti bi aago ọ̀tún rẹ̀ léèrè.