Oṣù mẹ́ta tí mo fi ìpínlẹ̀ dá ènìyàn lẹ́jọ́: ìrírí mi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá tó ń bójú tó mi fi ìbéèrè kan ṣoṣo tú ká. Mo ti sanwó fún ẹni tó bá mi tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, mo ti kọ ojú ewé 26, mo ti ya àwòrán tó dáa. Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe ọ̀gá ni mò ń bínú sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo kíláàsì ìṣirò tí mo jókòó sí, kò sí olùkọ́ kankan tó lo ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí àṣìṣe tó jẹ oṣù mẹ́ta mi yìí.

Ètò ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930 ni mo gbé yẹ̀ wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn àjèjì, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó ṣí wá, mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ju àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà gan-an lọ. Ìpínlẹ̀ 48 ni wọ́n ní nígbà náà. Fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo kọ nǹkan méjì sílẹ̀: iye àjèjì nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àti iye aláìmọ̀wé nínú ọgọ́rùn-ún, láti ọmọ ọdún 10 sókè. Bí èèyàn ṣe ń to nọ́ńbà sórí ìlà kò ṣòro, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ìlà tí gbogbo rẹ̀ já sí nìyí, ó ń wọn bí nǹkan méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn, láti òdì 1 dé 1:

```
=CORREL(B2:B49,C2:C49)
```

Òdì ni èsì rẹ̀, ó sì lé díẹ̀ ní ìdajì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àjèjì bá ṣe ń pọ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni aláìmọ̀wé ń dín kù níbẹ̀. Mo wá kọ ọ́ gbàgà-gbàgà pé àwọn àjèjì mọ̀wé ju àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ.

Ọ̀gá kà á tán, ó bi mí pé, "Ṣé ènìyàn lo kà ni, àbí ìpínlẹ̀?"

Mo ní, "Ìpínlẹ̀ ni sà. Ìpínlẹ̀ ni mo rí nọ́ńbà wọn."

"Ṣé ìpínlẹ̀ ló ń kàwé?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí i, ó ní kí n lọ ṣírò wọn kí n tó padà wá.

Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá láti inú ìkànìyàn kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò pín wọn sí ìpínlẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n kà. Àwọn àjèjì tí kò mọ̀wé tó nǹkan bí 1,304,000, àwọn tó mọ̀wé nínú wọn sì jẹ́ 11,913,000. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí kò mọ̀wé jẹ́ 2,614,000, àwọn tó mọ̀wé jẹ́ 81,441,000. Ẹ pín in fúnra yín. Nínú ọgọ́rùn-ún àjèjì, àwọn bíi 10 ni kò mọ̀wé. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ onílẹ̀, 3 péré ni. Òdìkejì ohun tí mo kọ pátápátá ni.

Kí n lè rí òṣùwọ̀n tí mo lè fi wé ti ìpínlẹ̀, mo lo èyí. `a` ni àjèjì aláìmọ̀wé, `b` ni àjèjì tó mọ̀wé, `c` àti `d` sì ni ti àwọn ọmọ onílẹ̀ bákan náà:

```
phi = (a*d - b*c) / sqrt((a+b)*(c+d)*(a+c)*(b+d))
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.118. Kò tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdì.

Ibí yìí ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. N kò gbà pé èrò mi ló ṣì. Mo gbà pé ẹni tó bá mi tẹ nọ́ńbà ló ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yẹ ìlà 48 náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ojú mi má baà fo èyíkéyìí. Nọ́ńbà méjì péré ni mo rí tó ṣì, nígbà tí mo sì tún wọn ṣe, èsì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo tún rò pé bóyá àwọn ìpínlẹ̀ kéékèèké ló ń da nǹkan rú, ni mo bá kó gbogbo wọn pọ̀ sí agbègbè ńlá mẹ́sàn-án tí ìkànìyàn ọ̀hún fúnra rẹ̀ ń lò. Òdì náà tún wá le sí i! Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo kọ̀wé sí ọ̀gá pé mo ti rí ẹ̀rí kún ẹ̀rí. Ó fèsì pé kí n lọ wá iṣẹ́ tí onímọ̀ nípa àwùjọ kan, William Robinson, gbé jáde lọ́dún 1950.

Mo wá a, mo rí i. Ìkànìyàn 1930 náà gan-an ni Robinson lò. Fún àjèjì àti àìmọ̀wé, òdì 0.526 ló rí láàárín ìpínlẹ̀, òdì 0.619 láàárín agbègbè mẹ́sàn-án, àti 0.118 láàárín ènìyàn. Gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ti fi í ṣe àpẹẹrẹ àṣìṣe. Nígbà tí ìrora yẹn lọ tán, mo yangàn díẹ̀, nítorí 0.118 tí èmi náà ṣírò bá tirẹ̀ mu rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n mo ṣì ní láti mọ ohun tó fà á. Mo mú bébà, mo fi nọ́ńbà àfinúrò ṣe agbègbè méjì, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní agbègbè àkọ́kọ́, àjèjì jẹ́ 300, 30 nínú wọn ni kò mọ̀wé. Ọmọ onílẹ̀ jẹ́ 700, 7 ni kò mọ̀wé. Àpapọ̀ aláìmọ̀wé jẹ́ 37. Ní agbègbè kejì, àjèjì jẹ́ 50 péré, 6 nínú wọn ni kò mọ̀wé; ọmọ onílẹ̀ jẹ́ 950, 76 ni kò mọ̀wé. Àpapọ̀ jẹ́ 82.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ní agbègbè méjèèjì, àìmọ̀wé wọ́pọ̀ láàárín àwọn àjèjì ju àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ: 10 sí 1 nínú ọgọ́rùn-ún níbi àkọ́kọ́, 12 sí 8 níbi kejì. Síbẹ̀ agbègbè tí àjèjì pọ̀ sí ni aláìmọ̀wé kéré sí, 37 sí 82. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó yí àwọn àjèjì ká ló mú kí nọ́ńbà agbègbè àkọ́kọ́ dára. Àwọn àjèjì kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìpínlẹ̀ bíi New York àti Massachusetts, níbi tí iṣẹ́ wà tí ilé ẹ̀kọ́ sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́, ni àwọn àjèjì ń ṣí lọ. Ìpínlẹ̀ gúúsù bíi Mississippi àti South Carolina kò ní àjèjì tó bẹ́ẹ̀, aláìmọ̀wé sì pọ̀ níbẹ̀, pàápàá láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n há mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ tí ìjọba kì í náwó lé lórí bó ṣe yẹ. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ìlà 48 mi ń sọ. Èmi ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ó sì tún yé mi ìdí tí òdì fi le sí i nígbà tí mo kó ìpínlẹ̀ pọ̀: bí a bá ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ di nọ́ńbà kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kan sí èkejì ti pòórá, ìyàtọ̀ láàárín ibì kan sí ibòmíràn nìkan ló kù. Ìlà tó dúró gbọnrangandan lórí àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ dájú.

Mo gbìyànjú láti gba iṣẹ́ mi là. Mo rò pé bóyá mo lè ti inú nọ́ńbà agbègbè yọ ti ènìyàn jáde. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n máa ń gbà fa ìlà tààrà gba àárín àwọn agbègbè kọjá, tí wọ́n á sì fà á dé ibi tí gbogbo ènìyàn á ti jẹ́ àjèjì, kí wọ́n lè ka ìpín aláìmọ̀wé níbẹ̀. Mo dán an wò lórí agbègbè àfinúrò méjì mi. Ó sọ fún mi pé nínú ọgọ́rùn-ún àjèjì, òdì 8.9 ni kò mọ̀wé. Ènìyàn kì í jẹ́ òdì. Ọ̀nà yẹn gbà pé bákan náà ni àìmọ̀wé àwọn ọmọ onílẹ̀ rí níbi gbogbo, 1 àti 8 tí mo fọwọ́ ara mi kọ sì jẹ́rìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èsì yìí, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yìí kì í jáde ní gbogbo ìgbà. Èsì tó jọ òótọ́ náà lè jẹ́ irọ́.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ méjì, Duncan àti Davis, gbé jáde lọ́dún 1953, òun ni mo fẹ́ràn jù nítorí pé kì í parọ́. Ibi tí òótọ́ kò lè kọjá nìkan ló ń sọ. Ẹ mú gbogbo orílẹ̀-èdè náà: aláìmọ̀wé jẹ́ 3,918,000, àjèjì jẹ́ 13,217,000. Ó lè jẹ́ pé kò sí aláìmọ̀wé kankan nínú àwọn àjèjì. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn nìkan ni gbogbo aláìmọ̀wé, ìyẹn á sì jẹ́ bíi 29.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, láti òdo dé 29.6, kò sí èyí tí a lè sọ pé irọ́ ni. Bí a bá ṣe é ní agbègbè kéékèèké kí a tó pa wọ́n pọ̀, àyè náà lè há sí i, ṣùgbọ́n àfi kí á ka ènìyàn fúnra rẹ̀ ká tó mọ̀ pé 10 ni.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti kọ ìbéèrè mi sórí bébà kí n sì fa ìlà sábẹ́ ẹni tí mò ń bèèrè nípa rẹ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ibi tó yẹ kí ìjọba kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí, nọ́ńbà ìpínlẹ̀ tó. Ti ènìyàn ni mo bèèrè, nítorí náà nọ́ńbà mẹ́rin ọ̀gá wúlò ju ìlà 48 mi lọ. Ẹ má sì retí pé gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ máa yí padà sí òdì. Nínú iṣẹ́ Robinson kan náà, láàárín ìpín àwọn aláwọ̀ dúdú àti àìmọ̀wé, 0.773 ni ti ìpínlẹ̀, 0.203 ni ti ènìyàn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n dojú kọ, ṣùgbọ́n ti ìpínlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ènìyàn. Irú èyí ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí kò sí ohun tí yóò ta ènìyàn jí níbẹ̀.

Mo tún orí ìwé náà kọ. Ojú ewé 26 ti di 9, ìpínlẹ̀ ni mo fi ṣe olùwà gbólóhùn níbi tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ ni mo kà, ènìyàn níbi tó bá jẹ́ ènìyàn. Ọ̀gá bu ọwọ́ lù ú láìfa ìlà pupa kankan sí i. Bébà tó kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí ṣì wà lórí tábìlì mi.