Bí A Ṣe Ń Kọ Ìfitónilétí fún Òṣìṣẹ́ Nígbà Tí Àṣẹ Wọn Lórí Fódà Owó Bá Fẹ́ Yí Padà

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ gba orúkọ gbogbo àwọn tí ó lè ṣí fódà náà lọ́wọ́ ẹni tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, kí ẹ sì fi wé iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ìdí àyípadà náà ti sábà máa ń hàn: ẹni tí ó ti kúrò ní ẹ̀ka ìṣirò owó lọ sí ẹ̀ka ọjà rírà ṣì lè ka fáìlì owó oṣù, nítorí pé wọ́n fún un ní àṣẹ tuntun láì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí yìí gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Nítorí ààbò" nìkan kò tó, torí pé ẹni tí ó bá kà á lè rò pé a fura sí òun, tàbí pé owó kan ti sọnù. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni yóò pinnu ohun tí ó lè ṣí nínú fódà Owó. A rí i pé àwọn tí ó ti yí ẹ̀ka padà ṣì ní àṣẹ iṣẹ́ àtijọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, a kò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bákan náà, ẹni tí ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì àwọn oníṣòwò sílẹ̀ kò ní lè ṣàtúnṣe fáìlì tí a fi ń fọwọ́ sí owó sísan mọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè yí nọ́ńbà padà, kí ó sì tún fọwọ́ sí i."

Ẹ má ṣe to orúkọ àwọn tí àṣẹ wọn dínkù sínú ìwé tí gbogbo ènìyàn yóò kà. Ẹ kọ̀wé sí oníkálukú lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ bóyá yóò lè ka fáìlì láì lè tún un ṣe, tàbí kò ní lè ṣí i rárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ìròyìn oṣooṣù tí ń fa iye láti inú fáìlì mìíràn nínú fódà náà. Bí àṣẹ bá ti kúrò, ìròyìn náà lè máa fi iye àtijọ́ hàn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí tí ó burú ju kí ó kọ̀ láti ṣí lọ. Nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ sọ fún yín ṣáájú ọjọ́bọ̀.

Ẹ sọ ẹni tí a ó béèrè àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú: olùbéèrè yóò kọ orúkọ fáìlì, iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣe àti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò parí, ọ̀gá ẹ̀ka yóò sì fọwọ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnì kan fi àkáǹtì òṣìṣẹ́ lásán dán fódà náà wò, kì í ṣe àkáǹtì ẹni tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà, kí ó sì dán àwọn líǹkì tí a ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wò, nítorí pé òmíràn nínú wọn ṣì lè ṣí.