₦82,500 tó sá pamọ́ sínú ìwé ọjà rírà

Ìbínú ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìkọ́lé ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀dà, táìlì, páìpù àti ìṣó ni wọ́n ń tà. Akáńtàǹtì kan ló máa ń bá wọn ṣírò fáàtì lóṣooṣù, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, á sì gba ₦25,000 owó iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ní ìparí oṣù kẹwàá 2024, mo ṣèèṣì rí ìṣirò tó ṣe fún oṣù kẹsàn-án lórí tábìlì. Gbogbo owó tí àwọn oníbàárà san lóṣù náà jẹ́ ₦5,590,000. Ọ̀gbẹ́ni yìí kàn yọ 7.5% gbogbo rẹ̀, ó kọ ₦419,250, ó fọwọ́ sí i.

Ojú mi là kedere. Iye tí a ń pè fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, fáàtì ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá san ₦107.50, ₦100 ni tiwa, ₦7.50 ni ti ìjọba. A kì í wá tún yọ 7.5% lára ₦107.50. Ohun tí a ń ṣe ni pé ká pín owó náà sí ọ̀nà 107.5, ká mú 7.5 nínú rẹ̀. Ẹni tí ìyẹn bá ṣòro fún lè pín in sí 43, kó mú ìdá mẹ́ta: ibì kan náà ló máa já sí. ₦5,590,000 tí a bá pín sí 43, ₦130,000 ni. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦390,000. Ìyẹn ni pé a ti fi ₦29,250 ta ìjọba lọ́rẹ lóṣù kan ṣoṣo, a sì tún san ₦25,000 fún ẹni tó bá wa fi ta á lọ́rẹ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún àǹtí mi, wọ́n kàn wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ tó kàwé, kí lo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí?" Ó dùn mí, àmọ́ kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ti oṣù kẹwàá sílẹ̀ fún mi.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe to ìwé náà. Fáìlì Excel kan ni, ojú ìwé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: `Tita`, `Rira` àti `Akojo`. Nínú `Tita` àti `Rira`, òpó A ni déètì, D ni iye ọjà láìsí fáàtì, E ni fáàtì, F ni àpapọ̀ méjèèjì. `Akojo` ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ fún oṣù tí mo bá ní kó kó. `Rira` ní òpó kan lékún, G, tí mo ń kọ `Oja` tàbí `Ilo` sí. Òpó yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, fáàtì orí ọjà tí a rà láti tún tà nìkan ni a lè yọ kúrò nínú èyí tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà. A ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti pẹpẹ ìkọ́jà lóṣù náà, ₦400,000, fáàtì orí wọn sì jẹ́ ₦30,000. A ò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú ₦30,000 yẹn. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 ti yí èyí padà, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ fi tèmi ṣe àwòkọ fún ti ọdún yìí.

Ọjà títà ò fún mi ní wàhálà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,880,000: ₦6,400,000 owó ọjà, ₦480,000 fáàtì. Mo fi wé owó tó wọ báńkì pẹ̀lú owó ọwọ́, ti báńkì fi ₦300,000 lé. Mo bi àǹtí mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn. Àjọ wọn ni wọ́n kó, wọ́n sì ní kí alájọ sanwó náà sínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń ti inú ìwé báńkì ṣírò fáàtì á san owó orí lórí àjọ ara rẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni tí mo fura sí pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjà rírà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Kí n tó gba `Akojo` gbọ́, mo kọ́kọ́ kó gbogbo rìsíìtì tí àwọn tí a ń rajà lọ́wọ́ wọn ní Ìbàdàn fún wa, mo fi kakulétọ̀ ro fáàtì ara wọn pọ̀: ₦360,000. Mo wá wo `Akojo`: ₦277,500. ₦82,500 ti pòórá.

Mo gbà pé a ti gbàgbé rìsíìtì kan. Mo ka bébà, ó jẹ́ 31. Mo ka ìlà inú `Rira`, 31 náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà wé ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, NEPA múná lọ nígbà tí mo dé ìkọkànlá, bátìrì kọ̀ǹpútà kú ní ìkẹrìnlá. Bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn.

Ọjọ́ kejì, mo lo ọgbọ́n àgbà àwọn oníṣirò. Bí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yí nọ́ńbà po, kó kọ 58 sí 85. Mo fi 9 pín ₦82,500, ó ṣẹ́kù. Bí ìdajì ìyàtọ̀ náà bá wà nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kí a ti yọ ohun tó yẹ ká fi kún. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦41,250, kò sí ìlà kankan tó jọ ọ́. Mo tún ní kí Excel yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, bóyá fáàtì inú rẹ̀ jẹ́ 7.5% iye ọjà lóòótọ́. Òfo ni gbogbo rẹ̀, kò sí àṣìṣe kan. Àǹtí mi kọjá, wọ́n rí mi tí mo gbá orí mú. "Kakulétọ̀ tèmi kì í purọ́ o," wọ́n ní, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá sì ni gbèdéke, ₦50,000 sì ni owó ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ nígbà náà fún ẹni tó bá pẹ́ ẹ. Ara mi ò balẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo ní kí Excel ro gbogbo òpó E pọ̀ láìbéèrè oṣù, mo sì yọ èyí tó ń kà fún oṣù kẹwàá kúrò nínú rẹ̀:

```
=SUM(Rira!E:E)-SUMIFS(Rira!E:E,Rira!A:A,">="&DATE(2024,10,1),Rira!A:A,"<"&DATE(2024,11,1))
```

Ó kọ 82500. Áà! Owó náà wà nínú ìwé láti ọjọ́ yìí. Kò sí ohun tó sọnù. Excel kàn kọ̀ láti gbà pé oṣù kẹwàá ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀ ni.

Mo ṣí `Filter` déètì lórí òpó A láti wo oṣù tó wà níbẹ̀. Oṣù kẹta wà níbẹ̀. Oṣù kẹjọ wà níbẹ̀. Ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní oṣù kẹwàá! Nísàlẹ̀ pátápátá, déètì mẹ́ta dá dúró bíi ọ̀rọ̀ lásán, wọn ò sí lábẹ́ oṣù kankan.

Ọmọ iṣẹ́ wa ló tẹ rìsíìtì mẹ́fà nínú 31 yẹn, orí kọ̀ǹpútà tuntun ló sì ti tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà tí a ò lè gba fáàtì rẹ̀ yẹn náà ni! Ètò Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ránṣẹ́, oṣù ló sì máa ń ka ṣáájú ọjọ́. Ọmọ náà tẹ 03/10/2024, kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta. Ó tẹ 08/10, ó di oṣù kẹjọ. Ó tẹ 17/10, 24/10 àti 29/10. Kò sóṣù tó ń jẹ́ ìkẹtàdínlógún, kọ̀ǹpútà bá fi wọ́n sílẹ̀ bíi ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Ẹ̀kẹfà nìkan ló bọ́, nítorí pé 10/10 ni, bó o ṣe kà á sókè náà lo máa kà á wálẹ̀. Fáàtì àwọn márùn-ún tó kù: ₦15,000, ₦22,500, ₦9,000, ₦18,000, ₦18,000. Ẹ rò ó.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ojú lásán ì bá ti rí mẹ́ta nínú wọn. Déètì gidi máa ń fara ti ọ̀tún àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán máa ń fara ti òsì. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fẹ́ kí iṣẹ́ òun rẹwà, ó ti kó gbogbo òpó náà sí àárín.

Àwọn mẹ́ta tó di ọ̀rọ̀, mo tún wọn tẹ̀ bíi `2024-10-17`, torí pé bó ṣe wù kí ètò kọ̀ǹpútà rí, kò ní ka ìyẹn sódì. Fún àwọn méjì tó yí po, mo fi èyí dá ọjọ́ àti oṣù padà sípò wọn:

```
=DATE(YEAR(A5),DAY(A5),MONTH(A5))
```

Mo wá wọ `Region`, mo yí ètò rẹ̀ sí `English (United Kingdom)`, mo sì ní kí òpó A máa fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, kí ojú lè tètè rí i.

`Akojo` wá kọ ₦360,000. Mo yọ ₦30,000 ti kọ̀ǹpútà àti pẹpẹ, ó ku ₦330,000. Mo yọ ìyẹn nínú ₦480,000, ₦150,000 ló kù tí a máa san. Ká ní mo ti gba Excel gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ₦232,500 là bá san, èmi náà ì bá sì ti di ọ̀gá fún ẹni tí mo ń bú. Mo fi ránṣẹ́ lórí TaxPro Max, ìkànnì owó orí ìjọba, ní ọjọ́ 18, kò gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú.

Láti ìgbà náà, mo ti fi àpótí kan sí òkè `Akojo` tó ń ka déètì tí kì í ṣe déètì:

```
=COUNTA(Rira!A2:A500)-COUNT(Rira!A2:A500)
```

Bí kò bá jẹ́ 0, mi ò ní tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e. Lóṣù yẹn, mẹ́ta péré nínú márùn-ún ni ì bá rí, torí pé déètì gidi ni èyí tó yí po, oṣù rẹ̀ nìkan ni kò tọ̀nà. Kakulétọ̀ àti bébà ló mú àwọn yẹn. Nítorí náà, mo ṣì ń fi ọwọ́ ro rìsíìtì oṣù kọ̀ọ̀kan kí n tó ṣí fáìlì rárá, mo sì ń kọ àpapọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé tí mo kó wọn sí. Bí mo bá kọ́kọ́ wo ti Excel, mo mọ ara mi, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni màá máa wá kiri.

Àǹtí mi ní àwọn á máa fún mi ní ₦10,000 lóṣù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ₦25,000 lẹ ń fún ẹni tó ń bà á jẹ́. Wọ́n ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n onítọ̀hún kì í jẹ àmàlà ilé àwọn.