Bí mo ṣe dán ojú ewé ìtajà méjì wò fún aládìrẹ kan, tí a sì dúró kí èèyàn tó pé

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ni mo ń bá bójú tó ojú ewé tí àwọn tó bá tẹ ìpolówó wọn lórí Fesibúùkù máa ń já sí. Nínú 100 èèyàn tó bá débẹ̀, nǹkan bí 5 ló ń tẹ bọ́tìnì Wásáàpù láti sọ pé àwọn fẹ́ rà. Mo fura pé ọ̀rọ̀ owó ló ń lé àwọn yòókù: wọ́n ní láti fa ojú ewé náà wálẹ̀ kọjá gbogbo àwòrán kí wọ́n tó rí iye yáàdì márùn-ún àti owó ìfiránṣẹ́. Mo ṣe ojú ewé kejì, mo gbé owó méjèèjì sí abẹ́ àwòrán àkọ́kọ́ gan-an. Mi ò fọwọ́ kan àkọlé, àwòrán tàbí bọ́tìnì, torí bí mo bá yí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀, mi ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo bi Màmá pé ìyàtọ̀ wo ló máa tó nǹkan lójú wọn. A fẹnu kò sí i pé kí 5 nínú 100 di 7. Ìlànà kúkúrú kan wà tí àwọn oníṣirò máa ń lò:

```
n = 16 * p * (1 - p) / d^2
```

n ni iye èèyàn tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan nílò, p ni àárín ìpín méjèèjì, d sì ni ìyàtọ̀ tí à ń wá. Mo fi 0.06 sí p, mo fi 0.02 sí d, ó fún mi ní 2,256. Àdéhùn méjì ló wà nínú 16 yẹn: bí ìyàtọ̀ kò bá sí rárá, kí àyẹ̀wò má tàn wá jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú 20, bí èyí tí à ń wá bá sì wà lóòótọ́, kí a rí i nígbà 4 nínú 5. Ká ní 5 sí 6 la fẹ́ rí ni, iye náà á ju 8,300 lọ fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan, owó ìpolówó wa ò sì lè gbé e.

Nǹkan bí 320 èèyàn ló ń wọlé lójúmọ́, a sì ń pín wọn sí ojú ewé méjèèjì lọ́gbọọgba, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló máa gbà. Inú mi dùn pé ó bọ́ sí odidi ọ̀sẹ̀, torí ẹni tó ń wá aṣọ ní Sátidé tí òde ìnáwó pọ̀ kì í ṣe bí ẹni tó ń wò ó níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Lójoojúmọ́, iye àwọn tó wọlé sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni mo ń wò. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ní 2,250 tí èkejì ní 2,050, nǹkan ti bàjẹ́ nínú ìpínkiri náà. Ó lè jẹ́ pé ojú ewé kan ń pẹ́ kó tó ṣí, tí àwọn èèyàn ti sá lọ kí a tó kà wọ́n. Irú àbájáde bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù ni.

Lọ́jọ́ kẹta, èèyàn 480 ti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. 21 tẹ bọ́tìnì lójú ewé àtijọ́, 36 tẹ̀ ẹ́ lórí tuntun. Màmá pè mí: "Ọmọ mi, pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ṣé o ò rí i pé èyí ló ń tajà ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó pé ná."

Ká sòótọ́, bí a bá fi nọ́ńbà yẹn sínú ìṣirò, á ní ìyàtọ̀ náà dájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wo àbájáde lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn tí iye tó dá ti pé, ló wà fún. Ẹni tó ń yọjú wò ó lójoojúmọ́, tó sì fẹ́ dá a dúró lọ́jọ́ tó bá dára, dà bí ọ̀tayò tó ń sọ pé kí eré parí ní kété tí ọmọ ayò tirẹ̀ bá pọ̀ jù. Ìgbà tí yóò ṣìnà á pọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 lọ dáadáa.

Nígbà tó pé, 117 nínú 2,250 ló tẹ̀ ẹ́ lójú ewé àtijọ́, 131 nínú 2,250 lórí tuntun: 5.2 sí 5.8 nínú 100. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ojúlówó ìyàtọ̀ náà lè wà níbikíbi láti orí àdánù 0.7 títí dé èrè 2. A ò lè sọ pé tuntun borí, a ò sì lè sọ pé kò wúlò.

Ojú ewé tuntun náà la ṣì ń lò, torí Màmá ní àwọn tó ń bi àwọn ní "èló ni?" lórí Wásáàpù ti dínkù gan-an, ìyẹn sì tó ìdí lójú tèmi. Mi ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó borí ni. Ohun tí a fẹ́ dán wò báyìí tóbi jù ú lọ: kí èèyàn sanwó nígbà tí aṣọ bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹn ò ṣeé fi títẹ bọ́tìnì wọ̀n, torí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè kọ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó sanwó tán nìkan la máa kà. Wọ́n sì kéré ju àwọn tó ń tẹ bọ́tìnì lọ, nítorí náà mo ti sọ fún Màmá pé ọ̀sẹ̀ méjì ò ní tó.