Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀: píìnì tó ń gbọ́ràn bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ya ìyàkuyà bí ó bá ń sáré

Ẹ má tíì yọ ṣíìpù yẹn. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù tí wọ́n ń jù nù pé “píìnì rẹ̀ ti jóná” ni kò ṣàìsàn rárá. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni kò mọ ohun tí irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un. Ó ra ṣíìpù tuntun, ìṣòro náà dúró gbọn-in. Ó ra lọ́jíìkì ánáláísà, irinṣẹ́ tó ń yàwòrán bí píìnì ṣe ń gòkè tó sì ń wálẹ̀, ó so ó bó ṣe wù ú, ìṣòro náà tún dúró. Lẹ́yìn náà ló wá ń pariwo.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí a sì tọ̀ ọ́ dé ìdí. PIC16F887 ni ṣíìpù náà, kírísítáàlì 20 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì ló ń lò, fólìtì 5 sì ni iná rẹ̀. RC0 ń darí mọ́sífẹ́ẹ̀tì kan, RC1 ń darí òmíràn, tààrà ni a sì so géètì wọn, ẹsẹ̀ tó ń tàn wọ́n, mọ́ píìnì. Púrógíráàmù fẹ́ kí méjèèjì tàn:

```
bsf  PORTC,0
bsf  PORTC,1
```

RC1 tàn, RC0 kò tàn. Ẹ gbé dìbọ́gà sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní àṣẹ kọ̀ọ̀kan, méjèèjì tàn dáadáa. Ẹ jẹ́ kó sáré padà, RC0 tún kú.

Àkọ́kọ́: gbígbà pé kóòdù tó ṣiṣẹ́ nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kò lábùkù

Ibí ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ `bsf` kì í kan bíìtì kan ṣoṣo bí orúkọ rẹ̀ ṣe jọ. Ó máa ń ka gbogbo pọ́ọ̀tù náà, píìnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, á yí bíìtì kan padà, á sì kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà sílé. Nígbà tí ó bá sì ń ka `PORTC`, kì í ṣe ohun tí a kọ síbẹ̀ kẹ́yìn ló ń kà. Fólìtì tó wà lára píìnì ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló ń kà.

Wàyí o, ẹ wo àkókò. Àṣẹ kan ń gba ìlù aago mẹ́rin. Ní 20 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, ìlù kan jẹ́ 50 nánósẹ́kọ́ǹdì, àṣẹ kan sì jẹ́ 200. Ìlù kejì ni ṣíìpù ń ka píìnì, ìlù kẹrin ló ń kọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí `bsf` àkọ́kọ́ bá ti gbé RC0 sókè títí di ìgbà tí `bsf` kejì bá ka pọ́ọ̀tù, kò ju nǹkan bí 50 sí 100 nánósẹ́kọ́ǹdì lọ.

Géètì mọ́sífẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Kapásítọ̀ ni lójú píìnì. Tí ó bá jẹ́ 1 nánófárádì, tí agbára ìdènà inú píìnì sì jẹ́ bí 100 óòmù, fólìtì rẹ̀ kò lè fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gun. Ẹnu ìwọlé Ṣímíìtì ni `PORTC` ní lórí ṣíìpù yìí, kò sì ní gbà pé nǹkan ti di 1 àfi tí ó bá dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná, ìyẹn fólìtì 4. Ọ̀nà dé fólìtì 4 yẹn á gbà tó 160 nánósẹ́kọ́ǹdì. `bsf` kejì ti kàwé tán kó tó débẹ̀. Ó ka RC0 sí 0, ó gbé RC1 sí 1, ó sì kọ 0 yẹn padà sí RC0. Àṣẹ yín ni ó pa píìnì yín.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì dìbọ́gà, ìṣẹ́jú àáyá kan ó kéré tán ló ń kọjá láàrin àṣẹ kan sí èkejì. Géètì ti kún tán, ìkàwé tọ̀nà, àbùkù sì ti lọ sá pamọ́. Nítorí náà, “ó ń ṣiṣẹ́ tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́” kì í ṣe ìdáláre fún kóòdù. Ẹ̀rí ni, ó sì ń sọ ibi tí a ó wò: inú àkókò ni àbùkù náà wà.

Ẹ yí i padà báyìí. Tí píìnì bá ya ìyàkuyà bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ àkókò. Ohun tó dúró sójú kan ló fà á. Lórí 887, àwọn píìnì `PORTB` láti RB0 dé RB5 máa ń jí gẹ́gẹ́ bí ẹnu ánálọ́ọ̀gì, píìnì tó bá sì wà ní ànálọ́ọ̀gì á máa ka ara rẹ̀ sí 0 bí ẹ tilẹ̀ wọn fólìtì 5 lórí rẹ̀. Ẹ tan RB0, ó tàn. Ẹ tan RB1, RB0 kú lójú yín. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
banksel ANSELH
clrf    ANSELH
banksel PORTB
```

Tíransísítọ̀ tí a so ẹsẹ̀ béèsì rẹ̀ mọ́ píìnì láìfi rẹ́sísítọ̀ sáàárín náà ń ṣe irú èyí: ó di píìnì mú sí nǹkan bí fólìtì 0.7, ṣíìpù sì ń kà á sí 0 títí ayé.

Èkejì: fífi `nop` tẹ́ ẹ lọ́rùn

Ẹ fi `nop` kan, àṣẹ tí kì í ṣe nǹkan kan, sáàárín, ó ṣiṣẹ́, ẹ ti ilé. Ẹ ti fi 200 nánósẹ́kọ́ǹdì ra àlàáfíà títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi mọ́sífẹ́ẹ̀tì ńlá tàbí wáyà gígùn rọ́pò. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé kóòdù èdè C tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpáílà kò dín kóòdù kù lè kú nígbà tó bá dín in kù: àwọn àṣẹ méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn.

Ẹ̀kẹta: lílo ánáláísà láìronú

Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó ra lọ́jíìkì ánáláísà a máa rò pé ohun tí ó bá yà sójú fèrèsé ni òtítọ́. Òtítọ́ ti ánáláísà ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyára tó fi ń wòye. Lórí píìnì tí à ń sọ yìí, RC0 ń gòkè, lẹ́yìn àṣẹ kan ó tún ń wálẹ̀. Tí ẹ bá ṣírò bí géètì ṣe ń kún àti bí ó ṣe ń tú, ìfò náà kò ju nǹkan bí 270 nánósẹ́kọ́ǹdì lọ lójú ánáláísà. Ẹni tó fi ánáláísà sí ìwòye mílíọ̀nù 1 ní ìṣẹ́jú àáyá ń wò lẹ́ẹ̀kan ní 1000 nánósẹ́kọ́ǹdì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìfò náà á kọjá láàrin ìwòye méjì. Lójú rẹ̀, RC0 kò gòkè rí, á sì parí èrò sí pé `bsf` àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. Ní mílíọ̀nù 24, tí àwọn ánáláísà kékeré ọlọ́nà mẹ́jọ wọ́pọ̀ pẹ̀lú, ìwòye kan ń wáyé ní bíi 42 nánósẹ́kọ́ǹdì, ẹ ó sì rí ìfò náà bí ìwòye mẹ́fà. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin “kò gòkè rí” àti “ó gòkè, nǹkan kan fà á wálẹ̀” ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ààlà fólìtì. Àwọn ánáláísà kékeré máa ń pe ohun tó kọjá nǹkan bí fólìtì 1.5 ní 1. Ẹnu ìwọlé ṣíìpù yín ń dúró de 4. Píìnì tó wà ní fólìtì 3 jẹ́ 1 lójú ánáláísà, ó sì jẹ́ 0 lójú ṣíìpù. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Tí ánáláísà bá sọ pé RC0 ti wà lókè nígbà tí `bsf` kejì ń kàwé, ẹ má ṣe fi ìyẹn dá `bsf` láre. Ẹ gbé ọ́síló­skóòpù sí i kí ẹ rí bí ó ṣe ń gun.

Èyí tó burú jù ni píìnì àmì. Àwọn ènìyàn ń fẹ́ mọ ibi tí púrógíráàmù dé, wọ́n á wá mú píìnì kan tó ṣófo, wọ́n á máa tàn án, wọ́n á máa pa á kí ó hàn lórí ánáláísà. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n á mú RC7! Gbogbo `bsf PORTC,7` tí ẹ fi ṣe àmì ń ka pọ́ọ̀tù, ó sì ń kọ ọ́ padà, ìyẹn ni pé àmì yín ń dá àrùn tí ẹ ń wá sílẹ̀. Ẹ fi àmì sí pọ́ọ̀tù mìíràn, bíi RD0, tí kò ní ẹrù kankan lórí.

Ẹ so wáyà ilẹ̀ ánáláísà, kúkúrú, nítòsí ṣíìpù. N kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má fi ojú ìdúró, ibi tí ẹ ní kí dìbọ́gà ti dá púrógíráàmù dúró, sí kóòdù tó ń darí mọ́tò láìronú: ṣíìpù lè dúró kí píìnì ṣì wà lókè.

Lórí irú ṣíìpù yìí, ojú ìdúró máa ń kọjá ibi tí ẹ fi sí pẹ̀lú àṣẹ kan kí ó tó dúró. Tí ẹ bá fi sí `bsf` àkọ́kọ́, ó lè ti ṣe é tán kí fèrèsé tó hàn.

RB6 àti RB7 jẹ́ ti dìbọ́gà. Ẹ má ṣe ṣàròyé nípa wọn nígbà tí ó wà níbẹ̀. RB3 náà kì í ṣe ti yín tí ẹ bá fi `LVP`, ètò fífi fólìtì kékeré kọ púrógíráàmù sínú ṣíìpù, sílẹ̀ ní títàn.

Ìwòsàn tòótọ́ ni pé kí a má ka pọ́ọ̀tù mọ́. Ẹ ní ẹ̀dà kan nínú mẹ́mọ́rì, `OJIJI` ni ká pè é, ẹ̀dà yẹn ni ẹ ó máa yí padà, ẹ ó sì máa kọ odidi rẹ̀ sí pọ́ọ̀tù:

```
movlw  0x03
iorwf  OJIJI,F
movf   OJIJI,W
movwf  PORTC
```

Lórí PIC18 àti àwọn PIC16F1xxx, ẹ kọ sí `LATC`, ọ̀rọ̀ parí, nítorí pé ohun tí a kọ kẹ́yìn ni `bsf` ń kà níbẹ̀. 887 kò ní i.

Ihò kan ṣì wà nínú `OJIJI`. Tí kóòdù ìdílọ́wọ́ bá ń yí i padà, tí ó sì wọlé láàrin `movf` àti `movwf`, ẹ̀dà tó ti pẹ́ tó wà nínú `W` ni ẹ ó kọ sí pọ́ọ̀tù, àyípadà ìdílọ́wọ́ á sì pòórá lórí píìnì títí di ìgbà tí a bá tún kọ pọ́ọ̀tù. Ẹ fi `bcf INTCON,GIE` ti ilẹ̀kùn ṣáájú, kí ẹ sì ṣí i lẹ́yìn.

Kí ẹ tó gbà pé ó ti yanjú, ẹ yọ dìbọ́gà kúrò, ẹ fi ánáláísà sí mílíọ̀nù 24, ẹ sọ fún un pé ìgbà tí RC0 bá wálẹ̀ nìkan ni kó gba àwòrán. Nínú púrógíráàmù tí kò pa RC0 níbì kankan, kò gbọ́dọ̀ gba ẹyọ kan.