Bí mo ṣe tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mejì nínú gúrúùpù wa

Ẹ okun o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé lóṣù méjì báyìí, ojú ṣì ń tì mí díẹ̀ tí mo bá rántí, àmọ́ ẹnì kan bẹ̀ mí pé kí n kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ torí òun náà ti fi ẹnu kó bá ara ẹ̀ níbì kan, kò dẹ̀ mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀.

Gúrúùpù Wátsáàpù àwa tá a jọ jáde sẹ́kọ́ńdírì ní Kàbà ni. A tó 74 nínú ẹ̀, àwọn kan wà ní Lọ́kọ́jà, àwọn kan l'Ábújá, àwọn tó kù wà nílé, ní Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ àti káàkiri. Alẹ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ wa kan fi fọ́tò ara ẹ̀ síbẹ̀ láti òde ìyàwó, ikùn ti yọ síwájú dáadáa, gbogbo wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi wá kọ ọ́ pé kó má gba ọ̀nà oko wálé o, torí àwọn ọmọ inú igbó máa kọ́kọ́ gbé e lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó dárúkọ owó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, mo sùn.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò tí wọn ò ti jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà tàbí lóko. Nínú 74 yẹn, mo mọ ẹni mẹ́ta tí ó ti kàn nílé wọn, mo dẹ̀ mọ̀ ọ́n KÍ N TÓ kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tí mi ò lè fi àwáwí kankan bò nìyẹn.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè tí mo ṣí fóònù, gúrúùpù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, mo mú "Delete for everyone". Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn o, torí ó máa fi àmì sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti pa rẹ́, ẹni tí ò tiẹ̀ rí i tẹ́lẹ̀ á wá máa béèrè pé kí ló kọ, àwọn tó ti ya á sí fóònù wọn á dẹ̀ máa fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò burú kéèyàn pa á rẹ́, àmọ́ kó kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ pa á rẹ́, kó má dà bí olè tó ń nu ẹsẹ̀ ara ẹ̀ nílẹ̀.

Mo wá kọ èyí: "Ẹ jọ̀ọ́ o, tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá bá dun ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú, ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ẹ̀yin náà mọ̀ mí." Mo fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń bẹ̀bẹ̀ sí i, mo tún fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa dáhùn: "Ṣé 'tí' ló wà níbẹ̀? Àbúrò mi lo ọjọ́ mọ́kànlá lọ́wọ́ wọn. O ò mọ̀ bóyá ó dùn mí?" Mo kà á bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Lóòótọ́, "tí" yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ó dà bíi pé mo ń dúró kí wọ́n wá fi ẹ̀rí hàn mí pé ó dùn wọ́n. "Ẹ̀fẹ̀ lásán" náà, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àwọn ni ò mọ eré. Ohun tó wá le jù ni pé àwọn ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbèjà mi, wọ́n ní àwọn kan ń fẹ̀ ẹ́ lójú, inú mi dẹ̀ dùn sí i díẹ̀, kí n má parọ́.

Ádímìn wa ló pè mí lọ́sàn-án. Ó ní ọ̀kan ti jáde. Mi ò mọ̀, torí Wátsáàpù kì í kéde fún gbogbo gúrúùpù mọ́ tí èèyàn bá jáde, àwọn ádímìn nìkan ló ń fi tó létí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ohunkóhun tí mo bá tún kọ síbẹ̀, ẹni tó dùn jù ò ní rí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìpè ló yẹ kó ṣáájú.

Mo pe ẹni mẹ́ta yẹn níkọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó jáde. Bàbá ẹ̀ ni wọ́n gbé lóko kaṣú. Tí a bá pe ara wa, kíkí nìkan máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, okun o, okun ọjọ́ kan, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Lọ́jọ́ yẹn mo ní "okun o", ó ní "ẹ̀n". Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan. Mo ní ohun tí mo kọ ò dáa, mo mọ ti bàbá ẹ kí n tó kọ ọ́, má bínú. Ó dákẹ́ títí tí mo fi wo fóònù bóyá ó ti já. Ó wá ní òwúrọ̀ yẹn bàbá òun bi òun pé kí ló ń ba ojú òun jẹ́, òun ò rí nǹkan sọ fún wọn. Mo bi í bóyá kí n dárúkọ ẹ̀ tí mo bá ń bẹ̀bẹ̀ nínú gúrúùpù. Ó ní rárá, òun ò fẹ́ kí wọ́n tún máa pe òun láti máa káàánú òun. Ó dáa tí mo béèrè, torí orúkọ ẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Obìnrin yẹn gbé ìpè tèmi, ẹnì kẹta ò gbé e, mo kọ̀wé sí i, mi ò pè é tẹ̀ lé ara wọn. Mo pe oníkùn náà, ó ní ikùn òun kọ́ ni wàhálà.

Alẹ́ Mọ́ńdè ni mo wá kọ èkejì. Mi ò fi ohùn ránṣẹ́, torí tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà pa gbogbo "ṣùgbọ́n" tó wà níbẹ̀, ó ku èyí:

"Lálẹ́ Sátidé mo fi ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ṣẹ̀fẹ̀ níbí. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti jí èèyàn wọn gbé, mo dẹ̀ mọ̀ kí n tó kọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ò dáa. Èyí tí mo kọ láàárọ̀ Sọ́ńdè pé 'tó bá dun ẹnikẹ́ni' náà ò dáa, ó dùn wọ́n. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré mọ́, níbí tàbí níbòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi, kí ẹnikẹ́ni má dẹ̀ bá àwọn tí inú bí jà. Kò pọn dandan kí ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má bínú."

Mi ò tún ẹ̀fẹ̀ yẹn sọ nínú ẹ̀, torí kíkọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì náà á tún dùn wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣì kọ ọ́ pé "ó ti tó jàre, ọkùnrin ni ẹ́", mo dá a lóhùn níbẹ̀ níwájú gbogbo wọn pé rárá, àwọn tí inú bí ò fẹ̀ ẹ́ lójú. Ìyẹn le fún mi ju ẹ̀bẹ̀ gan-an lọ.

Kí n tó sùn lálẹ́ yẹn, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà, mo wo "Info", 51 ló ti kà á. Obìnrin yẹn kà á, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta ó béèrè nínú gúrúùpù pé ta ló ní iṣu tà.

Ẹni tó jáde ò tíì padà wọlé, mi ò dẹ̀ ní kí ádímìn fi líǹkì ránṣẹ́ sí i. A ṣì ń pe ara wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní bàbá òun ti ń lọ oko báyìí, àmọ́ tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ti ń bọ̀ nílé.