Bí a ṣe ń dín èpò sitíráígà kù nínú oko àgbàdo

Níbí ní Ẹ̀pẹ́, sitíráígà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé rẹ̀: Òkè-Ògùn, apá Kúwárà, títí wọ Òkè Ọya, níbi tí àwọn Hausa ti ń pè é ní wútàwútà. Àbúrò ìyàwó mi ló kúrò ní Ẹ̀pẹ́ lọ gba sarè ilẹ̀ kan lẹ́bàá Ṣakí, òun ló sì jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n dunjú. Ó pè mí nígbà tí àgbàdo rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: "Ẹ̀gbọ́n, òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo mi sì ń rọ bí ẹni pé ọ̀dá dá."

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe nìyí. Ẹ má fa àgbàdo náà tu, nítorí ohun tí ẹ ń wá yóò já sínú ilẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ wa á pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ rì í sínú garawa omi títí erùpẹ̀ yóò fi yòrò. Tí ẹ bá rí ọ̀mùnú funfun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, tí ojú ibi tó lẹ̀ mọ́ sì wú díẹ̀, sitíráígà ni. Òun gan-an ni àbúrò wa rí, bẹ́ẹ̀ òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ kò tíì yọ kan ṣoṣo lórí ilẹ̀.

Gbogbo wa ló mọ àfòmọ́ orí igi kòkó. Èyí ni àfòmọ́ abẹ́ ilẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, ó sì lè sùn sínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ. Nígbà tí gbòǹgbò àgbàdo tàbí ọkà bàbà bá tú èròjà kan jáde nítòsí rẹ̀, ó hù, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu. Kó tó yọ sókè, ó ti ba púpọ̀ jẹ́. Nítorí náà, fífà á tu kò lè gba àgbàdo ọdún yìí là. Tọdún tó ń bọ̀ là ń ṣe, torí pé igi kan ṣoṣo lè so irúgbìn 50,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò wa fẹ́ fi ọkọ́ ro ó kíá bó ti ń yọ. Ọkọ́ kàn ń gé orí rẹ̀ ni, yóò tún rúwé. Ẹ dúró títí òdòdó àkọ́kọ́ yóò fi ń là, kí ẹ wá fọwọ́ fà á tu, kí ẹ sì máa padà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má dà á sílẹ̀ lóko, nítorí irúgbìn lè gbó lórí èyí tí a ti fà tu. Inú àpò ni kó lọ, kó gbẹ, kí ẹ sun ún. Lẹ́yìn ìkórè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n ti ká àgbàdo, wọ́n ti lọ sílé, sitíráígà sì ń so nìṣó lóko tí kò sẹ́ni mọ́. Àpò mẹ́fà ni àbúrò wa kó lọ́dún àkọ́kọ́.

Lọ́dún kejì, ó gbin sóyà, èyí tí wọ́n ń pè ní TGX 1448-2E. Sóyà máa ń tan sitíráígà jẹ: gbòǹgbò rẹ̀ ń jí irúgbìn náà, ó hù, kò rí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́, ó kú. Poro sí poro jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, ìdí sí ìdí jẹ́ 5, kí gbòǹgbò lè gba gbogbo ilẹ̀. Àṣìṣe kan ló ṣe. Àgbàdo mélòó kan lalẹ̀ hù láàárín sóyà, àánú rẹ̀ ṣe é, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí wọn nìkan ni òdòdó àlùkò ti yọ ní gbogbo oko náà. Ẹ fà wọ́n tu, àti ọkà bàbà tó bá lalẹ̀ hù pẹ̀lú.

Lọ́dún kẹta ló padà sí àgbàdo, SAMMAZ 15. Sitíráígà ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń fara dà á, ó sì ń so. Ó da àpò NPK 15-15-15 méjì sí sarè náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi àpò yúríà kan kún un ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Kì í ṣe kí àgbàdo lè sanra nìkan: bí ebi bá ṣe ń pa gbòǹgbò tó, bẹ́ẹ̀ ni èròjà tó ń jí sitíráígà ṣe ń pọ̀ sí i. Èyí tó fà tu lọ́dún náà kò kún àpò kan. Kò tán o. Sóyà ló tún gbìn tẹ̀lé e.

Ó bi mí bóyá òun lè kó àgbàdo ibẹ̀ wá ṣe irúgbìn sí ilẹ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì fọ erùpẹ̀ ara ọkọ́ àti bàtà rẹ̀ kó tó wọkọ̀.